Kí O Tó Kọ̀wé Pé O Gba Iṣẹ́: Owó, Ọjọ́ àti Ọ̀gá

Mo kí gbogbo yín o. Mo kí alága wa, mo kí ẹ̀yin òbí tí ẹ bá àwọn ọmọ yín wá, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a tìtorí yín péjọ. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú àfaradà ooru ọ̀sán yìí.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́. Mi ò ní sọ bí a ṣe ń wá a, mi ò sì ní sọ bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Ẹlòmíì á sọ ìyẹn. Ibi tí mo fẹ́ dúró sí ni ọjọ́ díẹ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kọ̀wé pé "a fún ọ ní iṣẹ́" àti ìgbà tí ìwọ náà kọ̀wé pé "mo gbà á". Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Èmi ni mo máa ń tẹ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, èmi náà ni wọ́n sì máa ń wá bá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dìjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń gbé wọn wá: owó tí wọ́n fọkàn sí kọ́ ni wọ́n rí, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò bá ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ mu, tàbí wọn ò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn gan-an. Tí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ ká wo lẹ́tà tí wọ́n fi gba iṣẹ́, kí ni mo máa ń rí níbẹ̀? "Mo gbà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín." Ó tán.

Ìbéèrè kọ́kọ́, ìgbà lẹ́yìn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kò tíì di àdéhùn. Ìgbà tí ẹ bá gba ohun tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ni àdéhùn tó dé. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí owó náà lé díẹ̀", ṣé ẹ ti gbà á? Ẹ ò tíì gbà á. Ohun tuntun lẹ gbé kalẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá sì ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá ní England lọ́dún 1840, àwọn agbẹjọ́rò wa níhìn-ín ṣì ń tọ́ka sí i. Ọ̀gbẹ́ni Wrench fẹ́ ta oko rẹ̀ ní 1,000 pọ́n-ùn. Ọ̀gbẹ́ni Hyde ní 950 lòun máa san. Wrench kọ̀. Ni Hyde bá pa dà wá pé ó dáa, òun gbà á ní 1,000 náà. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, nítorí 950 tó dá ti pa 1,000 tó wà nílẹ̀. Lọ́dún 1880, ẹjọ́ mìíràn wá, lórí ọjà irin. Ẹni tó fẹ́ rajà kò kọ iye tí ọlọ́jà pè. Ó kàn béèrè bóyá wọ́n lè gbà láti máa kó ọjà náà fún òun láàárín oṣù méjì. Ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè lásán nìyẹn, kò ba ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ kọ ìbéèrè yín lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbéèrè pọ́ńbélé, kí ẹ sì gba èsì kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìgbà. Lẹ́tà ìgbà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ohun tuntun kankan wá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tún ohun tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti fẹnu kò sí sọ, kó sì dárúkọ owó, ọjọ́ àti ọ̀gá.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí òfin iṣẹ́ wà?" Òfin iṣẹ́ wà lóòótọ́. Ìpín 7 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa san án àti iye ọjọ́ nótíìsì, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: òṣìṣẹ́ tí òfin yẹn ń sọ ni àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé. Kò ka àwọn alábòójútó àti àwọn tó ń fi ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n jẹun mọ́ wọn. Oníṣirò owó, ẹnjiníà, máníjà, ìwé tí ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ jọ kọ síra yín ni ilé ẹjọ́ máa kọ́kọ́ bi yín léèrè.

Owó: mílíọ̀nù mẹ́fà kì í ṣe ọ̀kẹ́ márùn-dínlọ́gbọ̀n lóṣù

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀lé e dé òpin. Ẹ jẹ́ ká pe ọmọbìnrin náà ní Bọ́láńlé. Mo kó ìtàn rẹ̀ jọ láti ara ẹjọ́ oríṣiríṣi tó ti kọjá níwájú mi. Oníṣirò owó ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkẹjà fẹ́ gbà á sí ẹ̀ka wọn tó wà ní Ìbàdàn. Lẹ́tà dé sórí ímeèlì rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2026. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ owó ọdún kan jẹ́ ₦6,000,000, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, kó sì dáhùn kó tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ọjọ́ 20.

Kí ni Bọ́láńlé kọ́kọ́ ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Ó mú fóònù, ó pín mílíọ̀nù mẹ́fà sí ọ̀nà méjìlá, ó rí ₦500,000. Ó ti ń ronú ilé tuntun.

Ẹ dúró ná. "Àpapọ̀" yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da òṣìṣẹ́ láàmú jù lọ. Ilé-iṣẹ́ kan lè kó gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ máa ná wọn lọ́dún sínú rẹ̀, títí kan owó tí kò ní dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ nísinsìnyí. Bọ́láńlé béèrè, wọ́n sì dá a lóhùn. Owó gidi, owó ilé àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦4,800,000 lọ́dún. Owó ìsinmi àti owó oṣù Kejìlá jọ jẹ́ ₦720,000, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni wọ́n máa ń san ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. ₦480,000 tó kù ni ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá sínú àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Owó Bọ́láńlé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ra gàárì lóṣù yìí.

Nítorí náà, ₦400,000 ló máa wà lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, kì í ṣe ₦500,000. Láti ara ₦400,000 yẹn, òun náà máa dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún sí owó ìfẹ̀yìntì: ₦32,000. Owó orí wá kù. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá lé lórí ìyẹn ń san ìdá 18, títí dé mílíọ̀nù méjìlá. A máa kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì tó dá, a sì máa yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó ń san, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. ₦900,000 ni Bọ́láńlé ń san fún onílé lọ́dún, nítorí náà ₦180,000 la máa yọ. Tí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, owó orí rẹ̀ á jẹ́ ₦682,080 lọ́dún, ìyẹn ₦56,840 lóṣù tí wọ́n bá pín in dọ́gba.

Ẹ bá mi yọ ọ́: ₦400,000, yọ ₦32,000, yọ ₦56,840. ₦311,160 ni yóò máa wọ báǹkì rẹ̀ lóṣù, tí kò bá sí ìyọkúrò mìíràn. Láti ₦500,000 sí ₦311,160! Ṣé ilé-iṣẹ́ náà ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn? Rárá o. Kò sí irọ́ kankan nínú lẹ́tà wọn. Àmọ́ ká ní kò béèrè, ìparí oṣù àkọ́kọ́ ni ì bá tó mọ̀, á sì ti fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ₦330,000 ló ń gbà lọ síbi tó wà nísinsìnyí ńkọ́? Á ti kúrò níbi tí owó ti pọ̀ díẹ̀ sí i, á sì ti lọ síbi tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má kọ "owó oṣù mi gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́". Ẹ kọ iye owó fún ọdún, ẹ kọ iye tó máa wà lórí ìwé owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, kí ẹ sì dárúkọ owó tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń san. Ẹ má kọ iye tó máa wọ báǹkì yín sínú lẹ́tà o. Ìjọba lè yí owó orí pa dà, agbanisíṣẹ́ ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ìṣirò yẹn, fún ìpinnu tiyín ni.

Ọjọ́: ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè dá ọjọ́ lásán

Ọjọ́ 2, oṣù Kẹta ni wọ́n fún Bọ́láńlé. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó fọwọ́ sí níbi iṣẹ́ tó wà ní kó fún wọn ní nótíìsì oṣù kan kó tó lọ. Tó bá fi ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ 20, oṣù Kejì, ọjọ́ 20, oṣù Kẹta ló máa tó dòmìnira. Kí ló fẹ́ ṣe? Àwọn kan á ní kó sáà lọ, kò séwu. Ewu wà o. Ibi tó ti ń bọ̀ lè ní kó san owó oṣù kan dípò nótíìsì, wọ́n lè dá ìwé ìjẹ́rìí rẹ̀ dúró, ìwé ìjẹ́rìí yẹn gan-an sì ni ilé-iṣẹ́ tuntun máa béèrè.

Bọ́láńlé béèrè lọ́jọ́ Túsìdè bóyá wọ́n lè gbà kí òun bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 23, oṣù Kẹta. Ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan: nótíìsì oṣù kan. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ Wẹ́sìdè pé àwọn gbà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ẹni tó ń gbani síṣẹ́ máa ń dùn sí irú ìbéèrè báyìí. Ẹni tó bá sá kúrò níbòmíràn láìṣe nótíìsì, ṣé kò ní sá kúrò lọ́dọ̀ tiwa náà?

Ohun kan tún rọ̀ mọ́ ọjọ́ tí àwọn èèyàn kì í fọkàn sí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń ti ìwé owó oṣù kí oṣù tó parí. Tí wọ́n bá ti tì í ní ọjọ́ 20, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 kò ní rí nǹkan kan gbà ní ìparí oṣù Kẹta. Ìparí oṣù Kẹrin ni wọ́n máa tó san án, pẹ̀lú àjẹkù ọjọ́ tó ṣe nínú oṣù Kẹta. Ẹ béèrè, kí ẹ lè mọ bí ẹ ṣe máa jẹun di ìgbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí ojú máa ń fò: "bí àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, ìjẹ́rìí àti àyẹ̀wò ara bá yọrí sí rere." Tí gbólóhùn yẹn bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà ò tíì bọ́ sọ́wọ́ yín pátápátá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa parí àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yín wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lé ọ̀gá àtijọ́ lọ́wọ́ títí wọ́n á fi kọ̀wé pé àyẹ̀wò ti tán. Ti Bọ́láńlé kò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò náà kí wọ́n tó kọ̀wé sí i.

Ọ̀gá: ta ni ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ?

Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ kì í béèrè rárá. Wọ́n á ní, "Ṣé ó yẹ kí n máa béèrè ọ̀gá?" Ó yẹ o.

Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbà sí ẹ̀ka kan. Lẹ́tà rẹ̀ kò dárúkọ ọ̀gá. Máníjà ẹ̀ka ń rán an níṣẹ́ láàárọ̀, máníjà ètò ìnáwó tó wà ní olú ilé-iṣẹ́ ń fi ímeèlì rán an níṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó ń ṣe méjèèjì, ó ń sùn sí ọ́fíìsì. Oṣù mẹ́fà pé, ó yẹ kí wọ́n fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ dé. Máníjà ẹ̀ka ní, "Kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi, ti olú ilé-iṣẹ́ ni." Ti olú ilé-iṣẹ́ ní, "Mi ò rí i ṣiṣẹ́, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kó kọ ọ́." Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì mi, àyè tó yẹ kí ọ̀gá fọwọ́ sí ṣófo. Àfikún owó tó yẹ kó bá ìfìdímúlẹ̀ wá kò wá. Ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún, ọ́fíìsì náà sì ń bẹ láyé.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa béèrè kì í ṣe "ta ni ọ̀gá mi?" nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè pé: ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ mi wò, ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìsinmi mi, ta ni yóò dámọ̀ràn ìfìdímúlẹ̀ mi? Tó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni, ó tán. Tó bá jẹ́ ẹni méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ ti olúkúlùkù. Èsì tí Bọ́láńlé gbà ni pé máníjà ètò ìnáwó ní Ìkẹjà ni yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, tí yóò sì dámọ̀ràn ìfìdímúlẹ̀ rẹ̀; máníjà ẹ̀ka Ìbàdàn ni yóò máa rí sí wíwá síṣẹ́ àti ìsinmi. Ó ti yé gbogbo wọn báyìí.

Tí ẹ bá ń kọ ọ́, ipò ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ èèyàn nìkan. Ẹni tó wà ní ipò yẹn lónìí lè lọ lọ́la, ipò kò ní lọ.

Lẹ́tà náà gan-an

A ti dé orí lẹ́tà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́ sí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa sọ ni mo fẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín. Ti Bọ́láńlé kò ju ojú ewé kan lọ. Ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdè, ó kù ọjọ́ kan kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà yín ti ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2026. Inú mi dùn láti gba ipò oníṣirò owó ní ẹ̀ka Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà náà àti ímeèlì yín ti ọjọ́ 18, oṣù Kejì ṣe là á kalẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹnu kò, àpapọ̀ owó ọdún jẹ́ ₦6,000,000. Nínú rẹ̀, ₦400,000 ni owó oṣù kí a tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tèmi, ₦720,000 ni owó ìsinmi àti owó oṣù Kejìlá, ₦480,000 sì ni owó ìfẹ̀yìntì tí ilé-iṣẹ́ ń dá. Màá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2026. Máníjà ètò ìnáwó ní olú ilé-iṣẹ́ ni mo máa jíhìn fún. Máníjà ẹ̀ka Ìbàdàn ni yóò máa rí sí wíwá síṣẹ́ àti ìsinmi mi. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà yín tí mo ti fọwọ́ sí ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kí n lè mọ̀ pé ó tẹ̀ yín lọ́wọ́, àti pé bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n náà nìyí."

Ẹ wo gbólóhùn kejì yẹn dáadáa. Ó dárúkọ lẹ́tà, ó sì tún dárúkọ ímeèlì ọjọ́ 18. Kí ló dé? Nítorí pé ọjọ́ 2, oṣù Kẹta ṣì ni ó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Tó bá fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn nìkan, ọjọ́ 2 ló fọwọ́ sí. Èyí tó dára jù ni pé kí wọ́n tún lẹ́tà náà tẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tuntun, ẹ sì lè fi sùúrù béèrè fún un. Tí wọn ò bá rí àyè, ẹ dárúkọ ímeèlì tí wọ́n fi gbà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Tí wọ́n bá bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù tàbí Wọ́sáàpù ńkọ́? Kò burú. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ímeèlì, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́rìí sí i.

Ìbéèrè kan láti ọ̀dọ̀ yín

Arábìnrin kan níwájú níhìn-ín fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí mi: "Tí mo bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, tí wọn ò fèsì ńkọ́, ìgbà wo ni kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ mi sílẹ̀?"

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tún kọ ìlà méjì sí wọn, kí ẹ so lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Tí ilẹ̀ bá tún ṣú, ẹ pe ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà wọn, kí ẹ sì ní kó fi ímeèlì dáhùn. Tí ìdádúró wọn bá sún ọjọ́ nótíìsì yín síwájú, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ náà máa sún, kí ẹ sì dá ọjọ́ tuntun fún wọn. Ti Bọ́láńlé, èsì dé láàárọ̀ Fúráìdè, ọjọ́ 20, ìlà kan péré: "Ó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni." Ó tẹ ẹ̀dà kan jáde, ó fi èkejì ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ tí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló tó mú ìwé nótíìsì lọ bá ọ̀gá tó fẹ́ fi sílẹ̀.